Aago Mélòó Ni Ó Bí? Bí Ìwé Ọsibítù Ṣe Ń Di Dátà Ìwádìí Oògùn

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ọsibítù nímọ̀ràn pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin lẹ́yìn tó bímọ tán, kí wọ́n tètè fún un ní oògùn tí wọ́n ń pè ní tiranẹsámíìkì ásíìdì, giráàmù 1, sínú iṣan, kó má sì ju wákàtí 3 lọ lẹ́yìn ìbímọ. Wákàtí 3 yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Kò sí dókítà kan tó lè jókòó ti obìnrin kan ṣoṣo kó sì rí i. Inú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti rí i. Ẹnì kan ṣí fáìlì ọsibítù, ó wá aago tí ọmọ dáyé, ó kọ ọ́ sínú àpótí kékeré kan lórí fọ́ọ̀mù ìwádìí. Ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù mìíràn, ní ìlú mìíràn. Wọ́n ṣe é títí tí fọ́ọ̀mù náà fi lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.

WOMAN ni wọ́n pe ìwádìí náà. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ́tótó àti Ìṣègùn Ilẹ̀ Olóoru tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló darí rẹ̀. Láti oṣù Kẹta 2010 títí di oṣù Kẹrin 2016, wọ́n gba obìnrin 20,060 sínú rẹ̀ ní ọsibítù 193, ní orílẹ̀-èdè 21. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ló jẹ́ ará Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùkọ́lá Fáwọlé ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ṣe kòkárí rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn kan gba oògùn, àwọn kan gba omi oníyọ̀ lásán, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó kan ẹnikẹ́ni, yálà aláìsàn tàbí dókítà. Nígbà tí wọ́n kà á jọ, nínú àwọn tó gba omi lásán, 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ yíya pa. Nínú àwọn tó gba oògùn, 1.5 ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tó gbà á láàárín wákàtí 3 sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà fẹ̀ sí i: 1.7 sí 1.2. Àwọn tó gbà á lẹ́yìn wákàtí 3 kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2018, wọ́n pa dátà yìí pọ̀ mọ́ ti ìwádìí àwọn tó fara pa, èyí tí wọ́n pè ní CRASH-2. Àpapọ̀ àwọn ènìyàn náà ju 40,000 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àǹfààní oògùn náà ti lọ. Ìṣẹ́jú 15! Ẹ wo bí ó ti kéré tó, kí ẹ sì rántí pé láti inú ìwé tí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kọ lóru ni ìṣẹ́jú náà ti wá.

Fáìlì ọsibítù kì í ṣe ohun tí a ṣe fún ìwádìí. Ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n ṣe é fún. Dókítà kọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀, ilé àyẹ̀wò lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, lẹ́tà láti ibòmíràn wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n sì ń yára, torí ẹ̀mí ló wà níwájú wọn. Fọ́ọ̀mù ìwádìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan, àpótí kan. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ 2. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà méjì, oṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, bíi MAR, nítorí pé 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni ní Amẹ́ríkà. Aago gbọ́dọ̀ jẹ́ ti wákàtí 24, kí òru má baà di ọ̀sán. Orúkọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, nọ́ńbà ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ náà, tó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìwádìí, ti gba ìwé àṣẹ pé iṣẹ́ òun ni. Òfin àgbáyé tó de iṣẹ́ yìí, ICH E6, sọ pé ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú fáìlì mu. Tí kò bá bá a mu, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi fáìlì kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo hun ún, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí rí yóò mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Obìnrin ẹni ọdún 32 bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, wọ́n gbé e sínú takisí wá sí ọsibítù ńlá. Agbẹ̀bí ibẹ̀ kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́: ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó bí ọmọ ní 11:50. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé kọ ọ́ pé òun gbà á ní 1:20 òru, ọjọ́ 4. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i kọ ọ́ pé ó bímọ ní nǹkan bíi wákàtí méjì sẹ́yìn, ìfúnpá rẹ̀ kò ṣeé gbọ́, ìlù ọkàn jẹ́ 132, ẹ̀jẹ̀ tó dànù pọ̀, ó ti rin ìró mẹ́ta. Lẹ́yìn tí wọ́n fa omi sí i lára, ìfúnpá di 80/50. Ilé àyẹ̀wò kọ PCV 18%. Dókítà ní kí wọ́n wá páìńtì ẹ̀jẹ̀ méjì. Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, páìńtì kìn-ín-ní ni wọ́n kọ pé àwọn gbé kọ́ ní 3:30. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa èkejì.

Fọ́ọ̀mù béèrè aago ìbímọ. Ìdáhùn méjì ló wà nínú fáìlì. Bí a bá ka wákàtí méjì ti dókítà padà sẹ́yìn láti 1:20, a ó dé 11:20. Lẹ́tà agbẹ̀bí ní 11:50. Ìdajì wákàtí ló wà láàárín wọn. Èwo ni kí a mú? Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ jáde, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ìtàn tí dókítà gbọ́ lẹ́nu ìbátan tí àyà rẹ̀ ń já kò lè borí rẹ̀. Nítorí náà, 11:50 ni.

Àmọ́ 11:50 wo? Agbẹ̀bí kò kọ òru tàbí ọ̀sán. Ojú gbogbo wa ló rí i pé alẹ́ ni, bí a bá wo aago tó fi dé ọsibítù. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe àdàkọ kò láṣẹ láti dá a pinnu kó sì máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá dókítà tó ń darí ìwádìí níbẹ̀. Ìyẹn lè fóònù agbẹ̀bí, tàbí kó kọ ìwé kékeré sínú fáìlì, kó ṣàlàyé ìdí tó fi gbà pé alẹ́ ni, kó buwọ́ lù ú, kó kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni fọ́ọ̀mù yóò gba 03 MAR, 23:50. Láti 23:50 títí di 01:20 jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀. Obìnrin náà wà nínú àwọn tí oògùn lè ràn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ọ̀nà méjì tó lè gbà bàjẹ́. Kí a sọ pé òǹdàkọ ń yára, ó kọ ọjọ́ 4 sí ìbímọ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà yóò rí i pé obìnrin náà dé ọsibítù ní wákàtí 22 àti ààbọ̀ kó tó bímọ. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni, torí náà yóò ké, wọn yóò sì tún un ṣe. Kí a sọ ní ìdà kejì pé ó da 11:50 kọ bó ṣe rí i, ọjọ́ 3, láì yí i padà sí 23:50. Kọ̀ǹpútà yóò kà á sí nǹkan bí ọ̀sán. Wákàtí 13 àti ààbọ̀ ti kọjá kó tó dé ọsibítù, ó sì ṣeé ṣe kí obìnrin pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó rí ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní ké. Obìnrin yìí ti kúrò láàárín àwọn tó tètè gba oògùn, ó ti bọ́ sáàárín àwọn tó pẹ́. Tí irú rẹ̀ bá pọ̀, oògùn tó dáa fún àwọn tó tètè dé yóò dà bí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó pẹ́, ààlà tó yẹ kó hàn ní wákàtí 3 yóò sì parẹ́. Àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ń ké lé lórí kò bà mí lẹ́rù; èyí tó bá ohun tó lè ṣẹlẹ̀ mu ló ń bà mí lẹ́rù.

Tí kò bá sí lẹ́tà agbẹ̀bí ńkọ́, tó jẹ́ pé "nǹkan bíi wákàtí méjì" nìkan ló wà? Òǹdàkọ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò kó sì kọ 23:20 bí ẹni pé ẹnì kan wo aago. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń ní àpótí kan létí aago tí a óò fàmì sí pé àfojúdá ni. Tí àpótí yẹn kò bá sí, kó kọ ọ́ pé a kò mọ̀ ọ́n, kó sì bi àwọn tó ń darí ìwádìí léèrè. Àfojúdá tó ń fara hàn bí òótọ́ ní àmì tó ń tú u fó. Ọmọ kì í mọ̀ pé aago ti lù kó tó jáde. Nínú aago ìbímọ ọgọ́ta, ẹyọ kan péré ló yẹ kó parí sí 00, ẹyọ kan sí 30. Tí olùtọ́jú dátà bá tẹ́ aago ọsibítù kan sílẹ̀ tó sì rí i pé ìdajì wọn parí sí 00 tàbí 30, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ń fojú dá a.

Ní báyìí, àpótí tí kò ní ìdáhùn. A kì í fi í sílẹ̀ lófìfo, torí pé àpótí òfìfo kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá òǹdàkọ gbàgbé ni, tàbí ó wá a tì. Àmì ni a máa ń fi sí i. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo sábà máa ń rí: ND, wọn kò ṣe é rárá; NK, wọ́n ṣe é tàbí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ èsì rẹ̀; NA, ìbéèrè náà kò kan aláìsàn yìí. Fún obìnrin wa, apá kan fọ́ọ̀mù lè rí báyìí:

```
DELIV_DATE    03-MAR
DELIV_TIME    23:50
PULSE         132
HB_GDL        ____    ND
UNITS_GIVEN   ____    ?
CS_DATE       ____    NA
```

CS_DATE ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Ó fúnra rẹ̀ bí ọmọ náà, kò kàn án. HB_GDL ń béèrè himoglóbíìnì, PCV sì ni ilé àyẹ̀wò ṣe. Gbogbo dókítà wa ló mọ̀ pé bí a bá pín PCV sí mẹ́ta, himoglóbíìnì rẹ̀ ni nǹkan bíi 6. Fún ìtọ́jú, ìyẹn dára. Lórí fọ́ọ̀mù, òǹdàkọ kò gbọ́dọ̀ pín in. Kó kọ PCV sí ibi tí PCV bá ní àyè, kó sì fi ND sí ibi himoglóbíìnì, torí pé kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Páìńtì ẹ̀jẹ̀ ni mo fi àmì ìbéèrè sí. Fáìlì sọ páìńtì kan, ó sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ yóò kọ 1 kí wọ́n sì ṣí ojú ewé. Ìdákẹ́jẹ́ fáìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé èkejì kọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì òru ti lọ sílé, kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má sì kọ ọ́. Kí òǹdàkọ tó fi NK sí i, ó yẹ kó dé báńkì ẹ̀jẹ̀, kó wo rẹ́jísítà wọn, kó wo iye báàgì tí wọ́n gbé jáde fún nọ́ńbà fáìlì yìí àti bóyá wọ́n dá ọ̀kan padà. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń gbà ju bírò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè bíi "ǹjẹ́ gìrì mú un?" Tí kò bá sí ẹni tó kọ ohunkóhun nípa gìrì, ìwé ìtọ́sọ́nà ìwádìí náà ni yóò sọ bóyá a lè ka ìdákẹ́jẹ́ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe òǹdàkọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìfúnpá. Dókítà kọ ọ́ pé kò ṣeé gbọ́. Fọ́ọ̀mù fẹ́ nọ́ńbà. Òǹdàkọ á máa wo àpótí. Àwọn kan yóò kọ 0, odo náà yóò sì bá àwọn nọ́ńbà tòótọ́ wọlé, yóò fa àròpín gbogbo wálẹ̀. Àwọn kan yóò mú 80/50 tí wọ́n rí lẹ́yìn tí omi ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù béèrè. Àwọn tó pọ̀ jù yóò fi ND sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é! Wọ́n so okùn mọ́ ọn lápá, wọ́n tẹ́tí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Obìnrin yìí ló sún mọ́ ikú jù nínú wọ́ọ̀dù náà. Tí a bá fi ND sí i, ó di ẹlẹgbẹ́ ẹni tí nọ́ọ̀sì gbàgbé láti wọn ìfúnpá rẹ̀ torí pé ara rẹ̀ yá. Bí onímọ̀ ìṣirò bá wá yọ gbogbo ẹni tí kò ní ìfúnpá kúrò nínú ìṣirò, àwọn tó sún mọ́ ikú jù ló yọ yẹn, èsì rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé àìsàn náà kò le tó bó ti le. Ìwádìí tó mọ irú aláìsàn tó fẹ́ gbà gbọ́dọ̀ ti fi kóòdù tirẹ̀ sílẹ̀ fún "a wọ̀n ọ́n, kò ṣeé gbọ́" kí fáìlì àkọ́kọ́ tó dé. Tí kò bá sí, kí òǹdàkọ kọ̀wé sí àwọn tó ń darí rẹ̀, kó sì kọ ọ̀rọ̀ dókítà gan-an sí àyè àlàyé.

Àwọn ìwádìí kan kì í lo lẹ́tà fún àmì yìí, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò: 99 tàbí 999 dípò "a kò mọ̀". Ewu wà níbẹ̀. Ẹ wo ìlù ọkàn obìnrin márùn-ún: 124, 118, 132, 110, èyí karùn-ún kò sí, wọ́n fi 99 sí i. Tí ẹni tó ń ṣe ìṣirò kò bá kọ́kọ́ yọ 99 kúrò, àròpín yóò jẹ́ 116.6. Àròpín mẹ́rin tó jẹ́ òótọ́ jẹ́ 121. Kò sí ẹni tí yóò fura sí 116.6. Ká ní 999 ni, àròpín ìbá fò sókè kọjá ohun tí ọkàn ènìyàn lè lù, gbogbo ènìyàn ìbá sì rí i. Kóòdù àìsí gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ara ènìyàn kò lè ní láéláé.

Lẹ́yìn àdàkọ, fọ́ọ̀mù lọ sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú dátà, ó sì máa ń padà pẹ̀lú ìbéèrè. Bí wọ́n ṣe béèrè ṣe pàtàkì. "Ṣé 23:50 lẹ fẹ́ kọ?" ti fi ìdáhùn sí òǹdàkọ lẹ́nu, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni kó lè lọ sílé. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ aago ìbímọ wò nínú fáìlì" ni ó tọ́. Tí a bá sì tún un ṣe lórí ìwé, ìlà kan ṣoṣo ni a ń fà sórí èyí tí kò tọ́, kó ṣì ṣeé kà, a ó kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ọjọ́ àti ìdí. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú èyí àtijọ́ àti orúkọ ẹni tó yí i padà. Alábòójútó yóò wá lọ́jọ́ kan, yóò jókòó, yóò fi fọ́ọ̀mù wé fáìlì. Ohun tó bá rí tí kò bára mu, tí kò sì sí àlàyé fún, ló ń kọ sínú ìròyìn rẹ̀.

Gbogbo wàhálà yìí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìbá fòpin sí nínú lẹ́tà agbẹ̀bí wa: "alẹ́ ọjọ́ kẹta". Mo bẹ gbogbo agbẹ̀bí tó ń kà á, ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba, ti ìjọ tàbí ti aládàáni: tí ẹ bá ń gbé obìnrin lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago tí ọmọ jáde gan-an, kí ẹ sì kọ bóyá òru ni tàbí ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ̀ lé ìyàwó tàbí ọmọ yín lọ, ẹ wo aago fóònù yín nígbà tí ọmọ bá ké, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí, láì fi ìṣẹ́jú kan kún un.